Bí A Ṣe Ń Fi Ìlà Ìgòkè-Ìsọ̀kalẹ̀ Dán Àtọ́ka Ọjà Ṣíà Wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, àti gbogbo ẹni tó ń wò wá láti ibi gbogbo. Ìbéèrè kan náà lẹ ń kọ ránṣẹ́ lemọ́lemọ́ lórí ASI, àtọ́ka gbogbo ṣíà ọjà wa: "ASI ń gòkè lójoojúmọ́, kí ló dé tí ṣíà tí mo rà ò gbéra?" Mo máa dá yín lóhùn lónìí, a ó sì jọ fọwọ́ ara wa ṣe é. Ẹ ṣí Excel tàbí Google Sheets yín sílẹ̀. Ti orí fóònù náà tó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ASI. Kì í ṣe pé wọ́n ń ka ilé-iṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pín in dọ́gba. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe tóbi tó lọ́jà ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ń wúwo tó. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni ìdá 20 nínú 100 àtọ́ka. Ó gòkè ní ìdá 10, èyí tí í ṣe òpin tí òfin ọjà wa fàyè gbà lọ́jọ́ kan. Òun nìkan ti ti àtọ́ka sókè ní ìdá 2. Ká ní gbogbo àwọn yòókù já wálẹ̀ ní ìdá 1, ìyẹn yóò yọ ìdá 0.8 kúrò. Àtọ́ka á ṣì parí ọjọ́ náà pẹ̀lú èrè ìdá 1.2! Rédíò á kéde pé ọjà dára, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà lọ́jà pàdánù. Mọ́ńgòrò méjì tó pọ́n ní ṣóńṣó orí igi kò sọ pé igi náà ti tó ká.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka orí. Ilé-iṣẹ́ mélòó ló gòkè lónìí? Mélòó ló já? Ẹ yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ kún ti àná. Ìlà ìgòkè-ìsọ̀kalẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ ya òpó mẹ́fà. A: ọjọ́. B: iye tí ASI fi parí. C: iye àwọn tó gòkè. D: iye àwọn tó já. E àti F, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é:

```
E2: =C2-D2
F2: =E2
F3: =F2+E3
```

Ẹ fa E2 àti F3 lọ sílẹ̀, ó parí. Ẹ máa rí nọ́ńbà C àti D nínú àkójọ iye owó tí NGX, ìyẹn ọjà ṣíà Nàìjíríà, ń gbé jáde lẹ́yìn tí ọjà bá tì. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ wọn náà máa ń ka àwọn tó gòkè, àwọn tó já àti àwọn tí kò yí, ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ló ń bí mi nínú: ẹ má fi nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ sínú òpó ọjọ́! Ìròyìn ọ̀sẹ̀ ń fi iye owó ọjọ́ Ẹtì yìí wé ti Ẹtì tó kọjá ni. Kì í ṣe àròpọ̀ ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀, ìlà rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ọjọ́ kan bá sì fò yín, ẹ padà lọ wá a. Àròpọ̀ la ń ṣe, àléébù ọjọ́ kan kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ọjọ́ márùn-ún wò ó, ká sì ní ASI gòkè ní gbogbo ọjọ́ márààrún. Ọjọ́ Ajé, 38 gòkè, 14 já: ìlà wà ní 24. Ìṣẹ́gun, 30 sí 22: ìlà bọ́ sí 32. Ọjọ́rú, 21 sí 27: ó padà sí 26. Ọjọ́bọ̀, 17 sí 33: ó di 10. Ẹtì, 15 sí 36: ó di 11 lábẹ́ òdo. Àtọ́ka ò já lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ láti Ọjọ́rú làwọn èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹnì kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ládòkè Akíntọ́lá béèrè bóyá 11 lábẹ́ òdo burú. Rárá o. Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ ò ní ìtumọ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà ló pinnu ibi tó máa wà. Òkè ni kí ẹ wò. Ẹ ya àtọ́ka sókè, ẹ ya ìlà sísàlẹ̀, kí ọjọ́ wọn bára mu. Ẹ fi àmì pupa sí òkè tó ga jù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àtọ́ka bá gun òkè tuntun, tí ìlà náà sì gun òkè tuntun, ọjà fọwọ́ sí i. Bí àtọ́ka bá gun òkè tuntun, tí ìlà ò dé ibi àmì pupa rẹ̀, wọ́n ń ta kora nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan bíi ti àpẹẹrẹ wa yìí ò tíì tó ẹ̀rí. Ó kéré tán, ẹ wá òkè méjì tí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láàárín wọn.

Ẹ má sì rò pé ọjà máa ṣubú lọ́jọ́ kejì. Lọ́jà New York, ìlà yìí dé òkè rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1998. Àtọ́ka S&P 500 kò dé òkè tiẹ̀ àfi ní oṣù kẹta ọdún 2000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì! Ní 2007, ìlà dé òkè ní oṣù kẹfà, àtọ́ka dé tiẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ní oṣù kejì 2020 ńkọ́? Àwọn méjèèjì jọ ń gòkè pọ̀ ni, kòrónà sì gbá wọn lulẹ̀. Ìlà yìí ń fi àárẹ̀ inú ọjà hàn, kò lè rí àjálù tó ń bọ̀ láti ìta.

Ọjà tiwa ní ìṣòro kan tí ti New York ò fi bẹ́ẹ̀ ní. Lójúmọ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni iye owó wọn kì í yí rárá. Ẹ má pè é ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Òfin wà pé ṣíà tó bá tà gbọ́dọ̀ tó iye kan kí owó rẹ̀ tó lè yí, bí kò bá tó, ó wà lójú kan náà nìyẹn. Nítorí náà, ọjọ́ tí 12 gòkè tí 4 já kò gbọ́dọ̀ dà bí ọjọ́ tí 40 gòkè tí 32 já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8 ni méjèèjì. Ẹ fi òpó G kún un, òun ni mo fẹ́ràn jù:

```
G2: =(C2-D2)/(C2+D2)
```

Àkọ́kọ́ á fún yín ní 0.5, èkejì ní 0.11. Ẹ lè ro òun náà pọ̀ lójoojúmọ́ bíi ti F.

Ẹ̀rí kejì yá kíákíá. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ka iye ilé-iṣẹ́ tí owó wọn ga ju ìpíndọ́gba owó wọn fún ọjọ́ ọjà 50 tó kọjá lọ. Ká ní 120 lẹ ń ṣọ́, tí 42 sì wà lókè: ìdá 35 nìyẹn. Bí ASI bá wà ní òkè tuntun pẹ̀lú ìdá 35, tí ìlà náà sì ti sọ̀ kalẹ̀, èmi ò ní fi owó tuntun lé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbé àtọ́ka nìkan, màá sì wo èyí tí mo ní lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìdá yẹn bá padà kọjá 50, tí ìlà sì gun òkè kọjá àmì pupa, ẹ pa àmì àtijọ́ rẹ́, kí ẹ fi òmíràn síbẹ̀.