Ìwọ̀n Dúró, Ìkùn Ń Tóbi

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n fi obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Takie, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ kí ìkùn òun fà wọlé, ló bá pa oúnjẹ àárọ̀ tì. Lẹ́yìn oṣù 4, ó gun ìwọ̀n: kílò 74, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ téèpù tó fi yí ìkùn ká ti kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 86, ó ti di 91.

Ó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó. Alaalẹ́ ló ń ṣírò gbèsè náà, oorun rẹ̀ kì í sì í ju wákàtí 5 lọ.

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni èròjà kan tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù ti ń wá sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀tá wa kọ́ o. Òun ló ń ga láàárọ̀ tá a fi ń ta kébé, tó sì ń rọlẹ̀ tó bá di òru. Bí ewu bá dé, á tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ ká lè ríbi sá. Ẹni tí màlúù ń lé yóò lo ṣúgà yẹn tán. Ẹni tó jókòó ti ìwé gbèsè ńkọ́? Kò lò ó. Bí àníyàn bá wá di ojoojúmọ́, kọ́tísọ́ọ̀lù kì í rọlẹ̀ lálẹ́ bó ṣe yẹ. Ó lè máa bu lára iṣan ara ṣe ṣúgà, kó sì máa darí ọ̀rá sí àyíká ìfun. Iṣan ń dín, ọ̀rá ń pọ̀, ìwọ̀n ò lè fi ìyẹn hàn yín.

Àmọ́ kọ́tísọ́ọ̀lù kì í fi afẹ́fẹ́ ṣe ọ̀rá. Oúnjẹ ló fi ń ṣe é, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí gan-an nìyí. Ní aago 9 alẹ́, bí obìnrin yẹn ṣe ń ṣírò, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú láílọ́ọ̀nù pọfù-pọ́fù, mínírà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Epo ti ta sí ojú ìwé gbèsè náà. Ọkàn rẹ̀ á rọ̀ fúngbà díẹ̀, ọpọlọ á sì fi èyí sọ́kàn dọ̀la.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ebi àníyàn yàtọ̀ sí ebi gidi? Ẹ bi ara yín léèrè pé: tí wọ́n bá gbé àmàlà síwájú mi báyìí, ṣé màá jẹ ẹ́? Ebi gidi máa ń gbà. Ebi àníyàn a ní àfi nǹkan dídùn.

Obìnrin yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ febi para rẹ̀ sí i. Ó gbé ìṣirò sí aago 4 ní ìsọ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà àti ẹyin láàárọ̀, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn dé ilé dípò ọ̀kadà. Nígbà tó fi máa tó oṣù 2, téèpù ti di 88. Gbèsè ṣì wà ńlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn tiyín, àárọ̀ ni, kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ mí síta, kí téèpù wà láàárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìbàdí. Àmọ́ bí ìlà aláwọ̀ àlùkò bá yọ ní ìkùn yín, tí itan ò lágbára láti dìde lórí àga mọ́, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí, kẹ́ ẹ sì mú ìpara tàbí oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání.