Wákàtí Tí Ìkòkò Fi Lọ́ Wọ́ọ́rọ́: Ọbẹ̀ àti Ìrẹsì Nílé Tí Kò Ní Fíríìjì

Ẹ ṣé, Alága. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú ọbẹ̀ àti ìrẹsì nílé tí kò ní fíríìjì. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé tó ní fíríìjì tí kò ní iná kún un, nítorí ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé ìdajì yín ti mú ìdáhùn bọ̀ látilé: "Gbé e kaná, kó hó dáadáa, kò sí nǹkan kan." Ìdáhùn yẹn gan-an ni mo wá bá jà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Kì í ṣe bí oúnjẹ ṣe hó tó lówùúrọ̀ ló ń pinnu bóyá inú á run wá. Iye wákàtí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ìkòkò lálẹ́ àná ni. Àárín ìwọ̀n 5 sí 60 lójú tẹmómítà, ìyẹn ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Òkè 60, kò lè bí mọ́. Ìsàlẹ̀ 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láti ọdún 2001 nínú ìlànà márùn-ún wọn lórí oúnjẹ pé oúnjẹ sísè kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta láìsí ohun tó ń mú un gbóná tàbí tutù. Bí yàrá bá gbóná kọjá 32, wákàtí 1 péré ni ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Ẹni tí kò ní fíríìjì kò lè dé ìsàlẹ̀ 5. Òkè 60 ló kù fún un, tàbí kó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Kí ló dé tí sísè kò fi parí ọ̀rọ̀? Òótọ́ ni pé bí oúnjẹ bá hó, kòkòrò tó wà láàyè nínú rẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó máa ń ká ara wọn sínú èèpo líle bí irúgbìn tó ń dúró de òjò. Irúgbìn yìí ni omi híhó kò lè pa. Ó tún lè jẹ́ pé iná yẹn gan-an ló ń jí i. Ó kù sínú ìkòkò, àwọn kòkòrò yòókù tí ì bá bá a du oúnjẹ ti kú, ìkòkò wá ń tutù díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tó tù ú lára, ó hù.

Ti ìrẹsì ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń tàn wá jù. Ó funfun, kò ní ẹran, kò ní epo, ta ló máa fura sí i? Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Bàsílọ́ọ̀sì Sérèọ̀sì wá láti inú ilẹ̀, ó sì ń bá hóró ìrẹsì dé inú ìkòkò. Ẹ wo ilé kan. Wọ́n se ìrẹsì tán ní aago 7 alẹ́. Wọ́n jẹ ìdajì, wọ́n dé ìyókù, wọ́n sì fi sílẹ̀ lórí ààrò. Ní aago 9, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ti tutù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ṣíbí wa àárín rẹ̀, ooru ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo òru ni ibẹ̀ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ní ọ̀rinrin, tó sì dákẹ́. Kòkòrò yìí bí sí i, ó sì tú oró sínú ìrẹsì. Ní aago 7 òwúrọ̀, ìyá wọ́n omi sí i, ó gbé e kaná títí èéfín fi ń yọ. Kòkòrò kú. Oró kò kú. Wọ́n ti fi oró yìí sínú ooru ìwọ̀n 121 fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, kò ṣe é ní nǹkan kan, iná ìdáná wa kò sì ju 100 lọ bí omi bá wà nínú ìkòkò. Ọmọ jẹun, ó gbéra lọ sílé ìwé, kó tó di aago 10 ó ti ń bì. Wọn á ní ibà ni. Ẹlòmíràn á ní ẹnìkan ló wò ó lójú burúkú.

Bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí 6 lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú oúnjẹ tó jẹ àti ìgbà tí wọ́n sè é. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. Oró yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í mú oúnjẹ kan. Kòkòrò mìíràn ló ń mú oúnjẹ kan. Nígbà tí ìrẹsì bá fi máa fà lọ́wọ́ tí yóò sì rùn, ó ti pẹ́ jù.

Ẹgbẹ́ Iná-Ló-Ń-Tún-Gbogbo-Nǹkan-Ṣe, ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀?

Ó dáa, ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹran tó ki, nínú ìkòkò ńlá. Kòkòrò tirẹ̀ ni Kulositirídíọ̀mù, èyí tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Híhó ti lé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ọbẹ̀, nítorí náà ilé ti tún ara rẹ̀ ṣe dè é. Ibi tó fẹ́ràn jù ni ìwọ̀n 43 sí 47, níbi tí ọ̀kan ti lè di méjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ bá mi ṣírò: nínú wákàtí 1, ó di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọ̀kan di 64. Bí àárín ìkòkò bá wà níbẹ̀ fún wákàtí 3, ọ̀kan ti ju 260,000 lọ. Ìkòkò tó jìn tí wọ́n sì dé pa lè lo jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ láìgbé e kaná dáadáa, inú á lọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e ní wákàtí 6 sí 24.

Alága ti ń tẹ aago. Mo ti rí i. Ojú ewé mẹ́rin ló ṣì kù níwájú mi.

(Níbí ni màmá kan ti dìde nínú ìjókòó, kò sì dúró de ìgbà ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Òwúrọ̀ àti alẹ́ ni ìyá mi máa ń gbé ọbẹ̀ ata kaná. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń jẹ ẹ́, inú ẹnikẹ́ni kò run. Ṣé irọ́ ni ìyá mi ń pa ni?")

Rárá o, Màmá. Ìyá yín mọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n ju ìwé yìí sílẹ̀ kí n dá yín lóhùn, nítorí ìbéèrè yìí dára ju ohun tí mo kọ lọ.

Àkọ́kọ́, kòkòrò ọbẹ̀ ẹran tí mo dárúkọ tán yìí, kì í tú oró tó ń dùn wá sínú ọbẹ̀. Inú ìfun wa ló ti ń tú u, lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì láàyè. Bí ọbẹ̀ bá hó dé àárín lówùúrọ̀, ó kú kó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbígbé kaná fi ń ran ọbẹ̀ lọ́wọ́ ju ìrẹsì lọ. Èkejì, ọbẹ̀ ata ìyá yín ní tòmátò, tòmátò sì kan. Ó din ín títí omi fi gbẹ, epo sì léfòó. Kòkòrò kò fẹ́ ìkan, kò sì lè bí níbi tí omi kò ti tó. Ẹ gbé irú ìtọ́jú yẹn fún ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, tàbí ọbẹ̀ olómi tó kún fún omi ẹran, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Kódà nínú ọbẹ̀ ata, àárín ẹran ńlá kò kan rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣì wà tí ìkòkò ìyá yín fi lè dá wa lóró: ọwọ́. Kòkòrò kan ń gbé inú imú àti egbò ìka wa. Bí a bá fi ọwọ́ mú ẹran nínú ìkòkò, tàbí tí a tọ́ ṣíbí wò tí a sì dá a padà, ó wọlé. Bó bá ti tú oró rẹ̀, híhó kò lè mú un kúrò, bíi ti ìrẹsì. Mo ń fura pé ìyá yín kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ ṣíbí bọ ìkòkò. (Màmá náà: "Á fi ọwọ́ gbá a!") Ṣé ẹ rí i? Ìbáwí yẹn ń ṣiṣẹ́ bíi ti iná.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń gbé ọbẹ̀ kaná. Kí gbogbo ìkòkò hó, kì í ṣe etí rẹ̀. Ọbẹ̀ tó ki lè máa ta nísàlẹ̀ kí àárín rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ rò ó dé ìdí, ẹ pín ẹran ńlá sí méjì, ẹ jẹ́ kó hó yaya bí ẹ ti ń rò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dé e, ẹ má ṣí i mọ́. Síbẹ̀, alẹ́ sí òwúrọ̀ kọjá wákàtí 2 dáadáa. Ó ń dín ewu kù ni, kò pa á tán. Ọmọ kékeré, aláboyún àti arúgbó, tiwọn ni kí ẹ sè lọ́tọ̀, kí ó tó wọn jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó dára jù ni kúlà àti fíláàsì, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dé láti àárọ̀. Ẹ da omi híhó sínú kúlà, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù, kí ẹ wá gbé oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná sínú rẹ̀ kó kún dé ẹnu. Kúlà tó ṣófo dé ìdajì, afẹ́fẹ́ lẹ ń mú gbóná. Oúnjẹ tó ti tutù kò ní gbóná nínú kúlà, ibùsùn lẹ tẹ́ fún kòkòrò. Bí ẹ kò bá ní tẹmómítà, ẹ fi ètè wò ó: bí ẹ bá lè fi ṣíbí kan kún ẹnu láìfẹ́ ẹ, kò tó 60 mọ́. Láti ìgbà yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí.

Alága ní ìbéèrè kan péré ló kù.

("Bí ìrẹsì bá ti sùn mọ́jú, tó sì pọ̀ ńkọ́? Ṣé a kò lè dín in?")

Epo ìdáná máa ń gbóná ju omi híhó lọ, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé dídín ń tún un ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ìrẹsì tí ẹ ń dín ṣì ní omi, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100, oró náà sì wà níbẹ̀. Ẹ dà á nù. Lọ́la, ẹ wọn ìrẹsì tútù tí ẹnu yín máa jẹ tán, ẹ jẹ́ kí ìyókù wà nínú àpò. Ìrẹsì tí ẹ kò tíì fi omi kàn lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀.