Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Kíréyọ̀nù Ọmọdé Pa Àlọ́ Tí Yóò Gbé E Sùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí léèrè bí mo ṣe ń wo àwòrán tí ọmọdé fi kíréyọ̀nù yà, tí mo sì ń fi pa àlọ́ fún un kí ó tó sùn. Iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ń ṣe, ọ̀nà yìí sì ni mo fi ń yangàn jù lọ nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi. Àwòrán tó wà níwájú mi yìí ni a ó lò. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 4 kan ló yà á, ìyá rẹ̀ sì ti yọ̀ǹda kí n fi hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ohun róbótó ńlá kan tó ní àwọ̀ ọsàn wà láàárín ìwé, ojú méjì àti ẹnu wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn méjì sì yọ lábẹ́ rẹ̀ láìsí ikùn àti láìsí ọwọ́. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ọmọ náà ti fi kíréyọ̀nù búlúù wọ́ síwá wọ́ sẹ́yìn títí ibẹ̀ fi kún. Lókè lápá òsì, ó to àmì dúdú kéékèèké mẹ́ta. Ìlà pupa kan wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá àwọn ẹsẹ̀ náà, ó gba abẹ́ àwọn àmì dúdú, ó ṣẹ́rí padà, ó sọdá búlúù, ó sì jáde ní etí ìwé. Ẹ fi ìlà pupa yẹn sọ́kàn.

Ohun àkọ́kọ́ ni fọ́tò. Ẹ yà á ní kété tí ọmọ bá gbé kíréyọ̀nù sílẹ̀, nítorí pé ọmọ kékeré lè padà síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ kí ó fi àwọ̀ mìíràn bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ nítòsí fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti ràn sí i tààrà. Ẹ pa iná kámẹ́rà fóònù, nítorí ìda ló pọ̀ jù nínú kíréyọ̀nù, ibi tí ọmọ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi yóò máa dán nínú fọ́tò bí ìgbà tí òróró dà sí i. Ẹ gbé fóònù dúró gbọọrọ sókè ìwé náà, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti gé etí ìwé kúrò kí fọ́tò lè rẹwà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gé e. Bí a bá gé etí àwòrán yìí, a kò ní mọ̀ pé ìlà pupa jáde lọ síbì kan, ibi tó ń lọ yẹn gan-an sì ni àlọ́ wa yóò ti jáde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe ọmọ náà, kí ẹ sì ní kí ó bá yín sọ̀rọ̀ nípa ohun tó yà. Mo ń sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, n óò sì tún un sọ: ẹ má ṣe bi í pé, “Kí lèyí?” Ìbéèrè yẹn ń sọ fún ọmọ pé ohun tó yà kò jọ nǹkan kan, yóò sì yára dá orúkọ èyíkéyìí tó bá wá sí i lẹ́nu kí ẹ lè fi í sílẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni kí òbí sọ pé, “Ọwọ́ rẹ̀ dà?” Káàkiri ayé ni àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4 ti máa ń ya ènìyàn àti ẹranko bí orí tí ẹsẹ̀ yọ lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni ikùn àti ọwọ́ ń wọlé. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, “Sọ fún mi nípa àwòrán rẹ.” Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń fi ìka tọ́ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì dákẹ́. Kí ẹ dákẹ́ pẹ́ díẹ̀ ju bí ó ṣe rọrùn fún yín lọ, nítorí pé ọmọ nílò àyè láti wá ọ̀rọ̀.

Ohun tí ọmọ yìí sọ rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé gan-an: “Ewúrẹ́ màmá àgbà ni. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èyí, odò. Àwọn ẹyẹ.” Nígbà tí ìka mi dé orí ìlà pupa, ó wò ó títí, ó wá sọ pé, “Ó ń lọ.” Kò sọ pé okùn ni, kò sì sọ pé ọ̀nà ni. Ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìtún un ṣe. Bí ó bá ní ewúrẹ́ ni ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni títí àlọ́ yóò fi parí.

Ibi tí ọwọ́ mi ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn la dé yìí. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń mú ohun tó tóbi jù nínú àwòrán, wọ́n á sì wá ìtàn láti orí ara wọn fún un: ewúrẹ́ bá ìjàpá jà, ewúrẹ́ lọ sóko ọba. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ọmọ á ti máa wo àjà, nítorí pé kò rí àwòrán rẹ̀ nínú ìtàn náà mọ́. Èmi máa ń jẹ́ kí ohun tó tóbi jù jẹ́ ẹni tí ìtàn dá lé, ṣùgbọ́n àmì tí kò ní orúkọ ni mo fi ń darí ìtàn. Nínú àwòrán ọmọ kékeré, kò sí ilẹ̀ tí nǹkan dúró lé. Ewúrẹ́, odò àti ẹyẹ kàn wà káàkiri inú ìwé ni. Iṣẹ́ àlọ́ ni láti so wọ́n pọ̀, àmì tí kò lórúkọ ló sì sábà máa ń so wọ́n. Ẹ wo bí ìlà pupa ṣe kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ti fún wa ní ọ̀nà ìtàn, ó sì ti fún wa ní ègbè pẹ̀lú: “Ó ń lọ.”

Wàhálà inú àlọ́ oorun gbọ́dọ̀ kéré. Mi ò jẹ́ mú ẹranko búburú wọ̀ ọ́, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọnù, mi ò sì jẹ́ kí ìyá kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlọ́ àwọn àgbà kún fún irú rẹ̀. Níhìn-ín, ohun tí ewúrẹ́ ń wá ni ibi tí yóò dùbúlẹ̀ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe pa á:

“Ààlọ́ o!” Ọmọ á dáhùn pé, “Ààlọ̀!” “Àlọ́ mi dá fùrù gbágbòó, ó dá lórí ewúrẹ́ màmá àgbà, tó ní àwọ̀ ọsàn, tó ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ṣú, oorun sì ń kun ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì rí ibi tí yóò sùn sí. Ó wolẹ̀, ó rí ohun pupa kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewúrẹ́ bi í pé, ‘Ohun pupa, ibo lò ń lọ?’ Ó ń lọ, ó ń lọ. Ewúrẹ́ tẹ̀lé e. Wọ́n dé abẹ́ àwọn ẹyẹ mẹ́ta. Ewúrẹ́ ní, ‘Ṣé kí n sùn síhìn-ín?’ Àwọn ẹyẹ ní, ‘Òkè ni àwa ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ gùn jù fún ẹ̀ka igi. Ó dàárọ̀ o.’ Wọ́n pa ojú dé. Ohun pupa, ibo lò ń lọ? Ó ń lọ, ó ń lọ. Wọ́n dé odò. Ewúrẹ́ ní, ‘Ṣé kí n sùn síhìn-ín?’ Odò ní, ‘Ibùsùn mi tutù jù fún ọ. Gba orí òkúta kọjá. Ó dàárọ̀ o.’ Odò rọra ń ṣàn. Ohun pupa, ibo lò ń lọ? Ó ń lọ... ó ń lọ... Ó dé ẹnu ọ̀nà màmá àgbà, ó dúró. Koríko gbígbẹ wà níbẹ̀, ó móoru. Ewúrẹ́ ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ méjèèjì, ó dùbúlẹ̀.”

Ìyẹn náà ni. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún bí ẹ bá pa á pẹ̀lẹ́. Ẹ kíyè sí i pé bí ìtàn ṣe ń lọ ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń sùn tẹ̀lé ara wọn, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ pé ó dàárọ̀ kì í tún jí. Ègbè yẹn, orin ni mo máa ń fi í kọ. Lẹ́ẹ̀kíní, mo máa ń kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń dẹ ohùn sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo máa ń fà á débi pé ẹ lè mí láàárín “ó ń lọ” kan sí èkejì.

Ẹ máa wo ọmọ náà bí ẹ ṣe ń pa á. Bí ó bá bá yín gbe ègbè lẹ́ẹ̀kejì, tó sì kàn mi ètè lẹ́ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Bí ó bá dìde jókòó nígbà tí ẹ dé odò, ẹ ti fi ohun tó lágbára jù síbẹ̀; ẹ fi gbólóhùn kan mú ewúrẹ́ kọjá, kí ẹ máa lọ sílé. Bí ó bá sì sọ pé, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bi í bó ṣe rí, kí ẹ gbà á, kí ẹ tẹ̀síwájú.

Bàbá kan kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun fi dúdú kun gbogbo ìwé, ẹ̀rù sì bà á. Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìbànújẹ́ sí i látàrí àwọ̀ nìkan. Dídùn tí fífi ọwọ́ wọ́ kíréyọ̀nù ń dùn lè jẹ́ gbogbo ìdí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ fi ẹnì kan pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ bi í bóyá ẹnì kan wà lábẹ́ ibẹ̀. Bí ó bá ní ẹnì kan wà níbẹ̀, àlọ́ yín ti dé: ẹni náà ti fi aṣọ bora.

Ní ti fóònù, n óò yára sọ èyí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà wá nímọ̀ràn pé kí a pa ojú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ní wákàtí kan kí ọmọ tó sùn, nítorí náà, ẹ má ṣe mú fọ́tò orí fóònù wá síbi ibùsùn. Kí ọmọ tó wẹ̀ ni èmi máa ń fi hàn án, tí a ó jọ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù láti wo ẹyẹ àti odò nítòsí. Tí ó bá di àkókò oorun, ìwé tó yà gan-an tàbí èyí tí a tẹ̀ jáde láti inú fọ́tò ni yóò wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú iná kékeré.

Ó ku ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ewúrẹ́ yẹn náà ni ọmọ yóò tún béèrè fún, bí ẹ bá sì yí ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ padà, yóò mọ̀. Nítorí náà, ní alẹ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí ó bá ti sùn, ẹ kọ àlọ́ náà sẹ́yìn ìwé tí ọmọ yà gan-an, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù tó yà á.