Àmì mẹ́rin fún fídíò 100: bí a ṣe ń fi ṣíìtì ka ìkànnì wa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ojú kọ̀ǹpútà mi lẹ ń wò yẹn. Fídíò orí ìkànnì Yúùtúùbù wa ti lé ní 100. Oúnjẹ wà ńbẹ̀, ọdún ìbílẹ̀ wà ńbẹ̀, ọjà, Erédò Sùngbọ́, gbogbo ẹ̀. Bí mo bá ní kí ẹ sọ irú èyí tó ń mú èèyàn jókòó, kálukú á dárúkọ fídíò tó fẹ́ràn. Ṣíìtì la máa bi lónìí, a máa lẹ àmì mẹ́rin mọ́ fídíò kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, àpótí `Tags` tí Yúùtúùbù máa ń gbé wá nígbà tí a bá ń gbé fídíò sókè kọ́ ni mò ń sọ o. Yúùtúùbù fúnra wọn sọ pé ipa kékeré nìyẹn ń kó nínú bí èèyàn ṣe ń rí fídíò. Àmì tí a fẹ́ lẹ̀ yìí, àwa nìkan la máa rí i.

Ẹ wọ `YouTube Studio`, ẹ tẹ `Analytics`, ẹ tẹ `Advanced mode`. Ẹ yan `Lifetime` níbi ọjọ́, ẹ rí i pé `Average percentage viewed (%)` wà nínú tábìlì, kí ẹ wá tẹ ọfà tó kọjú sí ìsàlẹ̀ lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ mú `Google Sheets`. Ìlà kọ̀ọ̀kan, fídíò kan. Ìlà tí wọ́n kọ `Total` sí, ẹ pa á rẹ́ kíá. Bó bá wà ńbẹ̀, ṣíìtì á rò pé fídíò ni, á sì da ìṣirò rú.

Ó yá, ẹ fi òpó mẹ́rin kún un: EYA, ALEJO, KOKO, GIGUN. Ẹ má fún òpó kan ní ju orúkọ mẹ́fà lọ. Tiwa rèé. Ẹ̀yà: IFORO fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, IRIN fún ìgbà tí a bá ń rìn kiri pẹ̀lú kámẹ́rà, SISE fún ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, SORO fún ìgbà tí mo bá dá sọ̀rọ̀, KUKURU fún Ṣọ́ọ̀tì. Kókó: OUNJE, ODUN, OJA, ITAN, EDE, ISE.

Ibi tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni fídíò tó jọ nǹkan méjì. Ẹ wo èyí: ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, ó sì ń sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ títà. Ṣé IFORO ni àbí SISE? Òfin wa ni pé ohun tí kámẹ́rà fi ju ìdajì àkókò wò ló ni ẹ̀yà. Ọwọ́ ìyá àti ewùrà la wò jù, torí náà SISE ni. Ti kókó, ohun tí àkọlé ṣèlérí là ń tẹ̀ lé: àkọlé ní ìkọ́kọrẹ́, OUNJE nìyẹn. Ẹ má kọ méjì sínú àpótí kan. Ẹ kọ òfin yín sí ṣíìtì kejì, torí ẹ máa gbàgbé.

Òpó àlejò, ẹ má kọ orúkọ èèyàn síbẹ̀. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò lè fi nǹkankan hàn yín. Irú àlejò ni kẹ́ ẹ kọ: KOSI, AGBA, ONIMO, GBAJUMO. Orúkọ lè wà ní òpó mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ rí i pé mi ò fi àmì ohùn sórí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Bí èmi bá tẹ "Oúnjẹ" lórí kọ̀ǹpútà, tí àbúrò mi tó ń bá mi gé fídíò sì tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, lójú wa ọ̀kan náà ni. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù kan lè tẹ ú gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, kí èkejì tẹ u kó sì fi àmì lé e lórí. Ṣíìtì lè kà á sí ọ̀rọ̀ méjì. E ni òpó KOKO tiwa. Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò nínú àpótí tó ṣófo ní òpó mìíràn:

```
=UNIQUE(E2:E)
```

Bí orúkọ kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yàtọ̀ níbì kan, tàbí kẹ̀, ẹnìkan tẹ àlàfo sẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ sàmì sí òpó náà, ẹ lọ sí `Data`, lẹ́yìn náà `Data validation`, kí ẹ tẹ àwọn orúkọ yín síbẹ̀. Láti ìgbà náà, yíyàn ni, kò sí títẹ̀ mọ́.

Gígùn ò gba ọwọ́. Òpó `Duration` tó bá fáìlì wá, ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń ka àkókò. Tèmi wà ní F:

```
=IFS(F2<=180,"A",F2<480,"B",F2<1200,"C",TRUE,"D")
```

A ló kúrú jù, D ló gùn jù. Mo gé e ní 180 torí pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Ṣọ́ọ̀tì ti lè gùn tó ìṣẹ́jú 3. 480 jẹ́ ìṣẹ́jú 8, ibẹ̀ ni a ti lè fi ìpolówó sí àárín fídíò. Ẹ má pa Ṣọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ àwọn yòókù tí ẹ bá ń ka iye wíwò. Láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2025, bí Ṣọ́ọ̀tì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí báyìí, wọ́n ti kà á nìyẹn.

Ó kù ká kà á. Ẹ má fi ìpíndọ́gba kà á o, pàápàá níbí tí a ti ní Òjúde Ọba. Ẹ jẹ́ ká fi fídíò ODUN márùn-ún ṣàpẹẹrẹ: 900, 1,100, 1,250, 1,400, àti ọ̀kan tó gbòde lẹ́yìn Iléyá, 86,000. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 18,130, bẹ́ẹ̀ kò sí fídíò kan nínú wọn tó sún mọ́ iye yẹn. Ẹ tò wọ́n, kí ẹ mú ti àárín: 1,250. Òun ni fídíò ODUN máa ń ní lọ́jọ́ lásán. `MEDIAN` lorúkọ rẹ̀ nínú ṣíìtì.

Ẹ tẹ `Insert`, ẹ tẹ `Pivot table`. Ẹ fi ALEJO sí `Rows`, kí ẹ fi `Average percentage viewed (%)` sí `Values`, kí ẹ yan `MEDIAN`. Ká ní ó jáde báyìí: KOSI 46, AGBA 31. Ẹlòmíì á ti sọ pé òun ò pe àgbà mọ́. Ẹ dúró ná. Ẹ fi GIGUN sí `Columns`. Ẹ wò ó: fídíò AGBA wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ D tán, àwọn KOSI sì pọ̀ ní B. Fídíò gígùn kì í ní ìdá tó ga, ta ni ì bá jókòó títí? Àmọ́ nínú C nìkan, AGBA jẹ́ 44, KOSI jẹ́ 38. Gígùn ló ń fa ìdá náà sílẹ̀, àgbà ò ṣẹ̀.

Ẹ tún fi òpó àkọlé sí `Values` pẹ̀lú `COUNTA`, kí ẹ lè rí iye fídíò tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. AGBA inú C yẹn, bó bá jẹ́ fídíò 3 péré, èmi ò ní gbà á gbọ́ síbẹ̀. Tó bá kéré sí 5, mo máa ń kun àpótí náà ní àwọ̀ eérú, màá sì fi sínú ètò yíyà tó ń bọ̀: àgbà méjì sí i, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìhà Rẹ́mọ, torí ISE pẹ̀lú AGBA ṣì ṣófo pátápátá lórí ṣíìtì wa.