Ìdí tí apá gáùnù kò fi gòkè: ọ̀rọ̀ ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù mi, lórí tábìlì ìgéṣọ

Ẹ kú ìjókòó o. Lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù wa níbí ní Òṣogbo, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo àwa tá a parí iṣẹ́. Gáùnù kan ṣoṣo ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí mo kọ́kọ́ dá gé fúnra mi, tó sì bàjẹ́. Látìgbà náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá fi ojú ọ̀rọ̀ náà hàn wọ́n. Ohun tá a fẹ́ ṣe nìyẹn. Bébà ńlá nìyí, téèpù, rúlà àti pẹ́ńsù. A ò tíì ní fọwọ́ kan aṣọ.

Ohun tí mo sọ níjọ́ náà ni pé: "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbé àǹkárá fún mi kí n fi rán gáùnù ìnáwó. Mo fẹ́ kí apá rẹ̀ tẹ́jú, kí ó má ká rárá. Nígbà tí mo gbé e wọ̀ wọ́n, apá aṣọ náà kò gba apá wọn. Mo bá gbẹ́ ihò apá sísàlẹ̀, mo tún apá gé, ó sì wọlé. Àfìgbà tí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti wé gèlè. Gbogbo ìbàdí gáùnù bá ọwọ́ wọn gòkè. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, aṣọ yìí dì mí lápá mú.' Ẹlòmíràn ló bá wọn wé gèlè lọ́jọ́ náà."

Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin tí kò lè wé gèlè fúnra rẹ̀ nínú aṣọ ìnáwó, aṣọ náà kò tíì di aṣọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọn ara. Kí ẹni náà sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ fi rúlà há a lábíyá, kí ó dúró gbọọrọ, kó má fún un. Ẹ wá wọn láti eegun tó yọ lẹ́yìn ọrùn wá sísàlẹ̀ títí dé ibi tí rúlà náà dọ́gba mọ́. Ti ẹni tí à ń rán aṣọ fún lónìí jẹ́ íńṣì 8. Ẹ fi ààbọ̀ íńṣì kún un kó lè mí, ó di 8 àti ààbọ̀. Ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ihò apá máa wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wọn ibí yìí, ojú la fi ń dá a gé, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn apá níbi tó sanra jù lókè. Tiwa jẹ́ 12 àti ààbọ̀. Fún àǹkárá tí kì í fà, ẹ fi íńṣì 2 kún un. Apá aṣọ wa kò gbọ́dọ̀ dín ní 14 àti ààbọ̀ ní fífẹ̀.

Ẹ ya ara gáùnù níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ya ihò apá tán, ẹ gbé téèpù dúró lórí etí rẹ̀, kẹ́ ẹ tọ ọ̀nà kọ́rọ́ náà yí i ká, lójú ibi tí maṣíìnì máa gbà. Iwájú àti ẹ̀yìn papọ̀, tiwa jẹ́ íńṣì 17. Ẹ pín in sí méjì, 8 àti ààbọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ló kàn: orí apá, ìyẹn òkè tó yọ lórí apá aṣọ, láti ìlà abíyá dé ṣóńṣó èjìká. Ẹ fa ìlà kan ní ìbú bébà, ẹ fa òmíràn láti àárín rẹ̀ lọ sókè. Mo máa kọ́kọ́ ya ti gáùnù tó bàjẹ́. Mo wọn íńṣì 6 lọ sókè. Láti ṣóńṣó yìí, mo gbé rúlà dúró ní íńṣì 8 àti ààbọ̀, mo dà á wálẹ̀ títí tó fi kan ìlà ìbú lápá ọ̀tún, mo ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì. Ẹ wá wọn ìbú náà: íńṣì 12 péré. Apá tó jẹ́ 12 àti ààbọ̀ kò lè wọ ibẹ̀. Ìdí tí kò fi wọlé nìyẹn. Ihò apá kò mọ̀ ọ́n, orí apá ló ga jù.

Ẹ wò ó ní 4 àti ìdá mẹ́rin íńṣì kan báyìí, ìyẹn ihò apá tá a pín sí mẹ́rin. Rúlà kan náà, 8 àti ààbọ̀ kan náà. Ìbú rẹ̀ ti lé díẹ̀ ní 14 àti ààbọ̀. Apá wọlé láì gbẹ́ ohunkóhun. Ẹ wá fi ọwọ́ ya kọ́rọ́ sórí ìlà méjèèjì, kó yọ díẹ̀ lókè, kó wọnú díẹ̀ nísàlẹ̀. Kọ́rọ́ yìí máa fi bí ààbọ̀ íńṣì gùn ju ihò apá lọ. Ẹ máa fi ọwọ́ rọra rọ́ ọ sí orí èjìká nígbà tẹ́ ẹ bá ń rán an, kó má hàn pé ó ṣẹ́.

Àwọn kan bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé, ṣé gbígbẹ́ ihò apá kò wá ń fún apá láyè ni? Ẹ bá mi wọn abẹ́ apá. Láti ojú rírán ìbàdí dé abíyá, ẹ̀gbẹ́ gáùnù tó péye jẹ́ 7 àti ààbọ̀. Apá aṣọ gùn ní íńṣì 11. Tẹ́ ẹ bá yọ orí apá kúrò, ó ku 6 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nísàlẹ̀ apá. Ẹ pa wọ́n pọ̀, íńṣì 14 àti ìdá mẹ́rin ni aṣọ tó wà láti ìbàdí dé etí apá. Ẹ wá wo ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo gbẹ́ ihò apá wálẹ̀ ní íńṣì kan àti ìdá mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ ku 6 àti ìdá mẹ́rin. Orí apá jẹ́ 6, ìsàlẹ̀ apá ku 5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11 àti ìdá mẹ́rin. Íńṣì 3 ti lọ. Tí ọwọ́ bá gòkè, ibẹ̀ ló yẹ kó ti fa aṣọ. Kò rí i, ó wá lọ fa ìbàdí.

Ìdí nìyẹn tí bùbá kì í fi í di ènìyàn lápá mú. Apá bùbá kò ní orí rárá, bọrọgidi la so ó mọ́ ara. Ṣùgbọ́n ẹ wo abíyá rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá wà nílẹ̀, aṣọ á rọ́ jọ síbẹ̀. Ìyẹn kò bá gáùnù tó fún mọ́ ara mu. Tẹ́ ẹ bá sọ orí apá kalẹ̀, ẹ retí kíká díẹ̀ lábíyá. Mo fara mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ tó gé àǹkárá, ẹ gé aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an ní ojú gígùn, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni náà ṣe bí ẹni ń wé gèlè. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ìbàdí kó tó gbé ọwọ́. Tí àmì náà bá kan gòkè díẹ̀, kò burú. Tó bá gòkè tó íńṣì 2, ẹ padà sídìí orí apá, ẹ dín in ní ààbọ̀ íńṣì, kẹ́ ẹ tún wò ó. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí kan ihò apá.

Tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ ẹ kọjá ààlà, a ò lè dá aṣọ tá a gé sọnù padà. Ẹ tú ojú rírán ihò apá sílẹ̀ lábíyá, íńṣì 3 sí iwájú, íńṣì 3 sí ẹ̀yìn, ẹ gé aṣọ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4, kẹ́ ẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ́ kó lè fà, kẹ́ ẹ sì rán an síbẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ íńṣì fún ojú rírán. Bí mo ṣe tún ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe nìyẹn. Lórí àǹkárá tí àwòrán rẹ̀ pọ̀, kò hàn. Lórí aṣọ aláwọ̀ kan, ó máa hàn tí ọwọ́ bá gòkè, ẹ sọ fún oníbàárà kẹ́ ẹ tó ṣe é.