Ewé Tuntun Tó Pọ́n, Àmọ́ Tí Iṣan Rẹ̀ Kò Pọ́n

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ wo ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo gbé lọ́wọ́ yìí. Ọgbà màmá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ni mo ti gé e. Ewé ìsàlẹ̀ dúdú minimini, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rúwé lókè ló pọ́n. Iṣan inú wọn nìkan ni kò pọ́n, ó nà gbọọrọ bí àwọ̀n.

Ẹ má tíì ra ajílẹ̀ kankan. Ibi tí pípọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí magnísíọ̀mù bá wọ́n igi, ó máa ń fa ti inú ewé àgbà lọ fún ọmọ ewé, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pọ́n. Irin kì í ṣí kúrò nínú ewé àgbà bẹ́ẹ̀, ewé tuntun ni àìtó rẹ̀ ń kọ́kọ́ hàn lára. Irin ni wàhálà ti màmá.

Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ilẹ̀ pupa báyìí, irin tún lè wọ́n nínú rẹ̀?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí irin gan-an ló sọ ilẹ̀ náà di pupa. Irin wà níbẹ̀, igi ni kò rí i mu. Àwọn bíríkìlà ti bo àjẹkù sìmẹ́ǹtì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá igi, màmá sì ń da eérú ààrò sídìí rẹ̀. Méjèèjì ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ìyẹn ni pé wọ́n ń gbé pH rẹ̀ sókè, bí pH bá sì ti kọjá 7, irin kì í fẹ́ yòrò mọ́. Mo ta fínígà sí erùpẹ̀ náà, ó hó yaya, ẹ̀rí pé pH rẹ̀ ti ga nìyẹn. (Ibi tí omi bá ń dúró sí pẹ̀lú, gbòǹgbò lè má rí irin mu.)

Kí ó lè dá mi lójú, mo po gírámù 5 férọ́ọ̀sì sọ́fétì, ìyẹ̀fun kan tó ní irin nínú, mọ́ lítà omi kan, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ìdajì ewé mélòó kan nírọ̀lẹ́. Nígbà tó fi di bí ọjọ́ mẹ́wàá, ìdajì yẹn ti ń padà dúdú. Ẹ ṣọ́ra o: àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyẹ̀fun yìí máa ń ní. Èyí tó bá ti dípẹtà di pupa rúsúrúsú ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ṣì ń tà á.

Fífín ewé kò ju ìtùra lọ, torí ewé tó bá tún yọ yóò tún pọ́n. A wú sìmẹ́ǹtì náà kúrò, màmá dáwọ́ eérú dúró, a sì da kọ́ńpósìtì àti ìwọ̀nba imí-ọjọ́ síbẹ̀. Imí-ọjọ́ kì í yá, ó lè gba oṣù mélòó kan kí pH tó wálẹ̀. Ní àsìkò yẹn, irin tí wọ́n kọ EDDHA sí lára páálí rẹ̀ la ń bu sídìí igi, torí òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ EDTA sí kò ní wúlò níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló pọ́n ni, iyọ̀ Ẹ́písọ́ọ̀mù tó ní magnísíọ̀mù nínú, gírámù 20 nínú lítà omi kan ni ẹ ó fi fín in, ẹ ó sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.