Gíláàsì Tó Ń Fi Ojú Ọ̀run Hàn: Bí Mo Ṣe Ń Ṣe É Nínú Blender

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ilé alájà mẹ́jọ tí ẹ ń wò yìí, Ìkòyí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí. Gíláàsì ló bo iwájú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo rẹ̀ rí eérú eérú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọ̀ gíláàsì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ yí. Àwọ̀ kọ́ ló ń ṣe é. Ohun tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni gíláàsì ń gbé wá bá wa, lẹ́yìn kámẹ́rà tiwa yìí sì rèé, òfìfo ni.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú gíláàsì fúnra rẹ̀ kúrò ńlẹ̀. Cycles ni mò ń lò, torí pé nínú EEVEE, ilé tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà kì í hàn nínú gíláàsì àfi tí ẹ bá fi nǹkan mìíràn ràn án lọ́wọ́. Nínú Shader Editor, ẹ mú `Mix Shader`. Ẹ fi `Transparent BSDF` sí ihò òkè nínú ihò shader méjèèjì, kí ẹ fi `Glossy BSDF` tí `Roughness` rẹ̀ jẹ́ 0 sí ti ìsàlẹ̀. `Fresnel` ni kí ẹ so mọ́ ihò tó ń pín ín.

`IOR` 1.5 ni ti gíláàsì lásán. Tí a bá wò ó ní tààrà, ojú rẹ̀ kan kì í dá ju nǹkan bí 4% ìmọ́lẹ̀ padà. Gíláàsì onípele méjì tí wọ́n fi kẹ́míkà pa lójú, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọ́fíìsì, ń dá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n bí tèmi ti jẹ́ ojú kan ṣoṣo, mo gbé `IOR` lọ sí 2.5, tó ń fún wa ní nǹkan bí 18%. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí: tí ìtànṣán bá gba ẹ̀yìn gíláàsì, `Fresnel` máa ń yí nọ́ńbà yẹn dà sódì, inú ilé á wá ṣókùnkùn biribiri láìnídìí. Ẹ fi `Backfacing`, tó wà lára `Geometry`, ṣe ìpín láàárín 2.5 àti 0.4, kí ẹ sì so èsì rẹ̀ mọ́ `IOR`. Ó parí.

Ó wá kan ojú ọ̀run. HDRI ni mo fi ń ṣe é, ìyẹn àwòrán ayé tó yí wa ká látòkè délẹ̀. Lórí Poly Haven, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má kàn mú èyí tó bá ṣáà ti wù yín. Mo ti rí ilé Èkó tí igi ilẹ̀ òtútù tò lọ bẹẹrẹ nínú gíláàsì rẹ̀! Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní gbà á.

Ibi tí àwòrán ti ń dọ̀tí gan-an nìyí: 1K tàbí 2K ni ọ̀pọ̀ ń wà sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ilé wa fẹ̀ tó mítà 16, kámẹ́rà sì jìnnà sí i ní mítà 30, nítorí náà ó gba nǹkan bí dígírì 30 nínú ohun tí kámẹ́rà ń rí. Níwọ̀n bí gíláàsì ti tẹ́jú pẹrẹsẹ, dígírì 30 náà ló máa mú nínú HDRI, kò ní mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. HDRI 2K ní píksẹ́lì 2048 fún dígírì 360, ìyẹn ni pé 170 péré ló kan ilé wa. Àwòrán tí mo fẹ́ ṣe jẹ́ 1440 × 1920, lẹ́ńsì rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 24, ilé náà sì gba nǹkan bí píksẹ́lì 680 níbú nínú rẹ̀. 170 ni ẹ fẹ́ fà dé 680 yẹn, ṣé kò ní dọ̀tí ni? 8K máa fún yín ní 680 géérégé. Tí oníbàárà bá fẹ́ àwòrán tó tóbi ní ìlọ́po méjì, ẹ lọ mú 16K.

Ẹ so `Mapping` mọ́ `Environment Texture`, kí ẹ máa yí `Rotation` Z díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo gíláàsì bí ẹ ṣe ń yí i. Oòrùn náà á máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Tí ìkùukùu bá ti dára nínú gíláàsì ṣùgbọ́n tí oòrùn ò sí níbi tí ẹ fẹ́ ẹ, ẹ lo `Background` méjì, kí ẹ fi `Is Glossy Ray` pín wọn: ọ̀kan á máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé, ìkejì á wà fún gíláàsì nìkan.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ báyìí. Títí kan ilẹ̀ ni sánmà ń hàn, bí ẹni pé ilé yìí nìkan ló wà láyé. Òdìkejì títì là ń wá. Mo gbé àpótí mẹ́rin tó dúró fún àwọn ilé ibẹ̀ sẹ́yìn kámẹ́rà, mítà 40 sí ojú gíláàsì, gíga wọn sì jẹ́ mítà 12. Mo lẹ fọ́tò òdìkejì títì náà mọ́ wọn lára, èyí tí mo fi fóònù yà níbi tí ilé máa wà. Mo wá ri òpó iná pẹ̀lú wáyà rẹ̀ àti igi máńgòrò kan síwájú wọn. Tí wọ́n bá dí oòrùn níbi tí kò yẹ, ẹ lọ sí `Ray Visibility`, kí ẹ yọ `Shadow`.

Ẹ wo ibi tí orí àwọn ilé náà dé nínú gíláàsì: nǹkan bí mítà 6 péré, kò ju àjà méjì ìsàlẹ̀ lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí pé àwòrán wọn jìnnà sí kámẹ́rà ní mítà 70, gíláàsì sì wà ní mítà 30. Ẹ má torí pé wọ́n kéré kẹ́ ẹ wá fà wọ́n ga. Gíláàsì tó wà lókè pátápátá ń mú ibi tó ga tó dígírì 42 nínú sánmà, nítorí náà HDRI tí ìkùukùu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nìkan kò lè ràn yín lọ́wọ́. Lásìkò ọyẹ́ tí sánmà funfun báláú, òkè ilé á funfun lóòótọ́, kó sóhun tó burú níbẹ̀. Òdìkejì títì ló máa gbé àwòrán yẹn ró.

Síbẹ̀, ẹ wo òpó iná yẹn. Ó gún régé gba inú gíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, kò ṣẹ́ níbì kankan. Irọ́ nìyẹn. Lójú ayé, kò sí gíláàsì méjì tí wọ́n rì tó tẹ́jú dọ́gba. Ẹ pín gíláàsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú `Separate > By Loose Parts`, kí ẹ dá `Origin` ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí àárín rẹ̀, kí ẹ wá lọ sí `Randomize Transform`. Ẹ fi 0.2° sí `Rotation` X àti Z nìkan. Bí gíláàsì bá yẹ̀ ní 0.2°, àwòrán inú rẹ̀ á yẹ̀ ní 0.4°; fún ohun tó wà ní mítà 40, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 28. Ẹ rí i? Òpó ti ń ṣẹ́ díẹ̀ níbi férémù kọ̀ọ̀kan. Tó bá kọjá 0.5°, ilé náà á dà bíi pé wọ́n fọ́ ọ tán kí wọ́n tó tò ó.

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n sé mọ́ àárín gíláàsì onípele méjì tún máa ń wú, ó sì máa ń súnkì bí ooru bá ṣe yí padà, èyí ló ń jẹ́ kí gíláàsì tẹ̀ díẹ̀ láàárín. Fún èyí, ẹ so `Noise Texture` tí `Scale` rẹ̀ kéré mọ́ `Bump`, kí `Strength` bẹ̀rẹ̀ láti 0.02, kí ẹ sì so `Bump` mọ́ `Normal` ti `Glossy`. Òpó iná náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: kó tẹ̀ díẹ̀, kó má ṣe máa rú bí omi.

Ó ku inú ilé. Ẹ fi ilẹ̀, àjà òkè, ògiri ẹ̀yìn àti kọ́tìnì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tan iná sí àjà kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sán, iná yẹn kò gbọdọ̀ borí sánmà: tí ẹ bá ń rí ìlà gbogbo àga inú yàrá kedere, ó ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ àwòrán aago méje alẹ́ ni oníbàárà fẹ́, inú ilé ló máa gba gbogbo ojú gíláàsì, ohun tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́.